Iwin inú géèmù mi kò bani lẹ́rù mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10

Adékóòdù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń fi Godot 4 ṣe géèmù kan: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí kò séèyàn nínú rẹ̀, òru ni, èèyàn ń wá àpótí ìyá bàbá rẹ̀. Yàrá 12 ló wà níbẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, iwin kan ṣoṣo ló sì ń rìn káàkiri. Ìṣẹ́jú kejì ló máa ń yọ. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi 6 gbá a. Gbogbo wọn ló pariwo nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí iwin máa fi pa wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ẹnì kan tiẹ̀ ń fi tábìlì bá a ṣeré, ó ń yí i ká. Mo ti mú ojú rẹ̀ burú sí i, mo ti mú un yára sí i, kò yí nǹkan kan padà. Kí ni kí n ṣe tí ẹ̀rù á fi máa wà níbẹ̀ títí dé òpin?

Ọmọ_Ṣàgámù

O ti fi iwin yẹn hàn jù. Yọ ọ́ kúrò pátápátá. Pa gbogbo ohùn, jẹ́ kí wọ́n máa rìn nínú òkùnkùn. Ohun tójú ò rí ló ń bani lẹ́rù jù. Wo P.T. tó jáde lórí PS4 ní 2014: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kọ́nà, o jáde ní ìpẹ̀kun rẹ̀, o tún bá ara rẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí ariwo, síbẹ̀ àyà gbogbo èèyàn já.

Agbóhùn_Òru

Àbúrò mi Ọmọ_Ṣàgámù, ìdajì òótọ́ lo sọ. P.T. kò dákẹ́ rárá. Rédíò ń ka ìròyìn lórí tábìlì, ọmọ ìkókó ń sunkún, ilẹ̀kùn ń dún. Iwin náà sì wà níbẹ̀, obìnrin ni, ó lè mú ọ. Ní 2019, ẹnì kan tó tú inú géèmù yẹn wò rí i pé láti ìgbà tí èèyàn bá ti gba tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n so obìnrin náà mọ́. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Wọn kàn ń dá ìrísí rẹ̀ dúró ni, nígbà tí òjìji rẹ̀ àti ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún ọ pé o kò dá wà.

Adékóòdù, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rí lọ́wọ́ rẹ ni ìtagìrì. Èèyàn ta gìrì, ó pariwo, ó tán. Ẹlẹ́ẹ̀kejì kò lè dà bí àkọ́kọ́, torí ara ti mọ̀ ọ́n. Jìnnìjìnnì lo ń wá, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ojú iwin. Etí ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Yàrá òfo kò bani lẹ́rù fúnra rẹ̀, àfi tí etí bá ti gbọ́ pé nǹkan kan ń gbé inú ilé náà. Bákan náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Tí géèmù bá dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí èèyàn á rò ni pé sípíkà òun ti bàjẹ́. Ohun tí a gbà kúrò ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ohùn kan gbọ́dọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ kó tó lè lọ.

Jẹ́ kí n fi ilé tìrẹ gan-an ṣàpèjúwe. Ta ló ń tan iná ibẹ̀? Gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé, kó máa dún láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kó lọ sílẹ̀ díẹ̀ tí èèyàn bá wọ yàrá inú, kó gbé sókè tó bá sún mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn. Láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 4, etí ti gbàgbé rẹ̀, torí a ti mọ̀ ọ́n nílé. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó kú. Má fi nǹkan kan sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Kò sí orin, kò sí afẹ́fẹ́, àfi ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá a. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 yẹn, yóò kọ́kọ́ dúró. Ṣe ni èèyàn máa ń dúró tí ohùn bá já lójijì.

Ìgbà náà ni kí nǹkan kan dún *gbì* lórí dẹ́kìn, lókè orí rẹ̀ gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. *Gbì, gbì,* ẹsẹ̀ méjì, wọ́n ń lọ sí ìhà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkigbà tí ẹni yẹn bá rìn, kí ẹsẹ̀ òkè náà rìn. Tó bá dúró láti gbọ́ ọ, kí tòkè gbé ẹsẹ̀ kan sí i, kó sì dúró. O kò tíì fi iwin hàn, kò tíì pa ẹnikẹ́ni, ó sì ti tó ìṣẹ́jú 8.

BàbáTèmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àgbà kan dá sí i. Kí lẹ ń wá nínú kí ẹ máa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ? Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 11, gbá irú géèmù yìí lórí fóònù ìyá rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè dá lọ sí ilé ìwẹ̀ lálẹ́. Kódà nígbà tó ń gbá a, mo rí i tó ń dín ohùn rẹ̀ kù, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní "tí mi ò bá gbọ́ ọ, kò ní bà mí lẹ́rù." Ẹ kọ ọjọ́ orí tó yẹ sí i lára o.

Agbóhùn_Òru

Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tí Adékóòdù béèrè kọ́ nìyẹn, àmọ́ ó yẹ kó kọ ọjọ́ orí sí i lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín sọ, ìwé ńlá kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pa ojú dé, ohùn ló dín kù.

Adékóòdù

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Bàbá, màá kọ 15 sí iwájú rẹ̀. Ohun kan ló rú mi lójú: mo ti fi ohùn kan sí i tẹ́lẹ̀, ó ń kùn *wùùùù* nísàlẹ̀ gbogbo yàrá, 50 Hz sí 60 Hz. Nínú yàrá mi, ó ń gbọn àyà mi. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á nínú àwọn 6 yẹn.

Agbóhùn_Òru

Kí ni wọ́n fi gbá a?

Adékóòdù

Àwọn mẹ́rin lo fóònù, àwọn méjì lo láptọ́ọ̀pù. Kò sẹ́ni tó lo íàpíìsì.

Agbóhùn_Òru

Wọn kò gbọ́ ọ nìyẹn. Sípíkà fóònù àti ti láptọ́ọ̀pù kéré, ohùn tó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 200 Hz lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde níbẹ̀, ká má tíì sọ 60. Òfo lo fi sí etí wọn. Fi sípíkà fóònù tìrẹ gbọ́ gbogbo ohùn géèmù náà kí o tó gbà pé ó wà. Má yọ kíkùn yẹn kúrò, ẹni tó bá ní íàpíìsì á jẹ̀gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n má fi iṣẹ́ pàtàkì lé e lọ́wọ́. Kí ẹsẹ̀ òkè náà ní apá kan tó wà láàárín 300 sí 1000 Hz: pákó tó ń ké, gìgísẹ̀ tó kan sìmẹ́ńtì.

O lè gbà á sílẹ̀ fúnra rẹ. Ní kí ẹnì kan rìn lókè, kí ìwọ jókòó nísàlẹ̀, fóònù lórí àpótí ìjókòó. Kìkì ìṣòro rẹ̀ ni pé tí ibi gbogbo bá dákẹ́, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń gbé ohùn sókè fúnra wọn, wàá gbọ́ *ṣììì* tó ń wú láàárín ẹsẹ̀ kan sí ìkejì. Gé àwọn ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mú 6 sí 8 tí kò jọra, kí géèmù máa ṣà wọ́n. Tí o bá lo ẹyọ kan, etí á dá a mọ̀ níbi ìkẹrin, iwin á sì di ẹ̀rọ.

Bákan náà, Godot kò mọ̀ pé dẹ́kìn wà láàárín. Tí o kò bá ṣe nǹkan kan, ẹsẹ̀ òkè á máa dún gaara bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n wà. Fi wọ́n sí bus ohùn tiwọn, kí o fi `AudioEffectLowPassFilter` tó ń dín ohùn tín-ín-rín kù sí i, kí `cutoff_hz` rẹ̀ wà ní bí 900. Bí èèyàn bá ti ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí iye yẹn máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Á gbọ́ bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń la, kó tó rí nǹkan kan.

Ológbò_Dúdú

Minecraft náà ń ṣe bẹ́ẹ̀! Tí o bá wà nínú ihò, wàá gbọ́ ohùn burúkú kan lójijì, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n kàn ń fi í síbẹ̀ bó ṣe wù wọ́n ni, kò ní ìdí. Adékóòdù, fi `randi()` ṣe é, ó ti parí.

Àṣàkẹ́_Bristol

Ó ní ìdí o, àbúrò. Tẹ F3, wàá rí `Mood` pẹ̀lú iye tó ń lọ sókè. Géèmù náà ń yẹ àyíká rẹ wò léraléra. Tó bá bá ibi tó ṣókùnkùn, iye náà á gòkè, tó bá bá ìmọ́lẹ̀, á wálẹ̀. Nínú òkùnkùn biribiri, 6000 tick ló ń gbà kó tó kún, ìṣẹ́jú 5 nìyẹn. Tó bá kún, ohùn náà á dún láti ìhà ibi tó ṣókùnkùn yẹn, iye á sì padà sí òdo. Nítorí náà, ó máa ń dún nígbà tí o ti pẹ́ jù nínú òkùnkùn, láti ibi tí o kò rí. Ìyẹn ni kò fi dà bí ohun tí wọ́n jù síbẹ̀ lásán. Tó bá jẹ́ `randi()` ni, á dún nígbà tí o dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ibẹ̀ ni irọ́ rẹ̀ á ti tú.

Adékóòdù, ohùn ni ẹ̀gbọ́n ti bá ọ tún ṣe. Ó ku iwin fúnra rẹ̀, torí ọjọ́ kan á yọ. Lọ wo bí Creative Assembly ṣe ṣe Alien: Isolation ní 2014. Ẹ̀dá kan náà ló ń lé ọ kiri, o kò sì lè pa á. Wọ́n pín ọpọlọ rẹ̀ sí méjì. Ọ̀kan mọ ibi tí o wà nígbà gbogbo. Ìkejì, tó jẹ́ ẹ̀dá náà gan-an, kò mọ̀ ọ́n. Ojú àti etí rẹ̀ ló ń lò. Èyí tó mọ̀ kàn ń sọ fún un pé "lọ wo ìhà ibẹ̀ yẹn" ni. Wọ́n wá ní òṣùwọ̀n kan tó ń kún bí ẹ̀dá náà bá ṣe sún mọ́ ọ tàbí tí o bá ń rí i. Tó bá kún, wọ́n á ní kó padà sínú ihò afẹ́fẹ́ òkè àjà. O kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n ò ń gbọ́ ọ tó ń rá *gbàràgbàrà* lórí rẹ.

Iwin tìẹ kò ní ibi tó ń padà sí. Ó ń lépa títí ó fi pa èèyàn. Ẹni tó ti rí gbogbo ohun tí iwin lè ṣe kò ní nǹkan kan tó ń retí mọ́. Gbìyànjú èyí:

```gdscript
func update_menace(delta):
    if seen_by_player:
        menace += 12.0 * delta
    elif dist < 10.0:
        menace += 4.0 * delta
    else:
        menace -= 2.0 * delta
    menace = clampf(menace, 0.0, 100.0)
    if menace >= 100.0:
        retreat()
    elif menace <= 20.0:
        may_return = true
```

Tí wọ́n bá ń rí i, bí ìṣẹ́jú-àáyá 8 ló ní, á lọ. Tó bá wà nítòsí tí wọn kò rí i, 25. Lẹ́yìn tó bá lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 40 gbọ́dọ̀ kọjá kó tó lè padà. `retreat()` kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ó pòórá. Ó gbọ́dọ̀ rìn lọ, kí wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn tó gbà kọjá. Kí wọ́n mọ̀ pé ó ṣì wà nínú ilé.

Ọmọ_Ṣàgámù

Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìrẹ́jẹ? Ẹni tó bá mọ̀ pé iwin á lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 8 á kàn dúró máa kà á.

Àṣàkẹ́_Bristol

Iwin ṣì lè mú un láàárín 8 yẹn, dídúró kò ní gbà á. Àmọ́ òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ: tí iye náà bá jẹ́ 8 ní gbogbo ìgbà, wọ́n á kà á. Jẹ́ kí ibi tó ti ń kún máa yí padà, 80 lónìí, 130 lọ́la. Tó bá lè ju 100 lọ, má gbàgbé láti gbé òpin `clampf` sókè.

Adékóòdù

Mo ti padà dé, ọ̀sẹ̀ méjì rè é. Mo ti ṣe jẹnẹrétọ̀. Àbúrò mi obìnrin gbá a pẹ̀lú íàpíìsì. Nígbà tó kú, ó dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 31, mo kà á. Nígbà tí *gbì* àkọ́kọ́ dún lókè, ó yọ íàpíìsì kan, ó wo àjà yàrá wa gan-an.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni iwin. Ó ń sá lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹni mẹ́ta parí ìsàlẹ̀ ilé láìbá a pàdé rárá, ẹ̀rù sì ti ń kúrò lára wọn nígbà tó fi di ìṣẹ́jú 12.

Àṣàkẹ́_Bristol

Gbé iye `menace` sí ojú ẹ̀rọ, kí o máa wò ó bí o ṣe ń rìn. Ibo ló ti ń kún?

Adékóòdù

Nínú ilé ìdáná. Iwin wà ní yàrá òkè ilé ìdáná, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ rárá, ó ti dé 100.

Àṣàkẹ́_Bristol

Mo mọ̀ ọ́n. `distance_to` lo fi wọn `dist`. Ó ń wọ̀n ọ́n tààrà gba inú dẹ́kìn kọjá, mítà 3 péré. Ṣùgbọ́n kó tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó gba pálọ̀. Ọ̀nà tó máa rìn ni kí o wọ̀n:

```gdscript
var path = NavigationServer3D.map_get_path(
    map, global_position, player.global_position, true)
dist = 0.0
for i in range(1, path.size()):
    dist += path[i - 1].distance_to(path[i])
```

Má ṣe é ní gbogbo férémù, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó. Ohùn nìkan ni kí o fi sílẹ̀ fún ìwọ̀n tààrà, torí etí ń gbọ́ láti inú dẹ́kìn. Ìyàtọ̀ méjèèjì yẹn ló máa ṣiṣẹ́ fún ọ: etí á sọ pé mítà 3 ni, ẹsẹ̀ á sọ pé 20 ni, ẹni tó ń gbá a kò sì ní mọ èyí tó máa gbà gbọ́.

Adékóòdù

Ó ti tún un ṣe! Ní báyìí, ìṣẹ́jú 14 ni wọ́n tó rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń rí, tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni 5 ló ti gbá a. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi tó ń fi tábìlì bá a ṣeré tẹ́lẹ̀ kò gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ìṣẹ́jú 3, ó ń ṣí dúrọ́ọ̀ kan náà ní ìsàlẹ̀ léraléra.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Yàrá ìyá àgbà ni mo fi ṣe ibi ìsinmi, iwin kì í wọ ibẹ̀, àtùpà sì ń jó. Ẹni méjì kò fẹ́ jáde mọ́. Ẹnì kan fi géèmù náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní ó ti tó òun. Ṣé kí n jẹ́ kí iwin wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Ọmọ_Ṣàgámù

Jẹ́ kó wọlé! Ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tí wọn kò retí rẹ̀.

Agbóhùn_Òru

Má ṣe é. Tí iwin bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ibi ìsinmi mọ́ nínú ilé yẹn. Ara tí kò rí ibi sinmi á kú tipiri, kò sì ní gbọ́ ohùn mìíràn mọ́. Epo àtùpà ni kí o dín kù. Kí iná náà máa rẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí òwú rẹ̀ máa ta *pẹ́, pẹ́*. Á jáde fúnra rẹ̀.

Àṣàkẹ́_Bristol

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí èyí. Tí iná bá ń kú lé e lórí, ò ń lé e jáde ni, á sì mọ̀ pé géèmù ló ń tì í. Èmi á fi ohun tó fẹ́ síta. Kó gbọ́ ìró àpótí ìyá àgbà tí ẹnì kan ń wọ́ nílẹ̀ ní yàrá kejì, *wọ́rọ́*, kó dúró, *wọ́rọ́*.

Agbóhùn_Òru

Adékóòdù, ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fún àwọn tí kò tíì gbá a rí. Kí o ka ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà kí ọwọ́ wọn tó kan ilẹ̀kùn, kí o sì wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i.

Adékóòdù

Ọjọ́ Sátidé ni màá pè wọ́n. Èèyàn 4, íàpíìsì 4. Àwọn méjì á gba àtùpà, àwọn méjì á gba àpótí.